Oògùn Lítíọ́mù: Bí Ìwé Pẹlẹbẹ Aláìsàn Ṣe Kún fún Ìkìlọ̀

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2009, àjọ tó ń rí sí ààbò aláìsàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wélíìsì kéde pé kí wọ́n máa fún gbogbo ẹni tó ń lo lítíọ́mù ní ìwé pẹlẹbẹ aláwọ̀ àlùkò, káàdì tí yóò máa mú kiri, àti ìwé kékeré tí wọ́n yóò máa kọ èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sí. Ìkìlọ̀ tó wà nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò le láti kà. Má ṣe dín iyọ̀ oúnjẹ kù lójijì. Máa mu omi tó. Jẹ́ kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ ní wákàtí 12 lẹ́yìn tí o lo oògùn. Má ṣe dá oògùn dúró fúnra rẹ. Ó gba nǹkan bí 60 ọdún kí wọ́n tó péjọ, àwọn kan nínú wọn sì ti ọwọ́ ikú wá.

Ìtàn náà bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Melbourne ní Ọsirélíà. John Cade, dókítà ọpọlọ tí àwọn ará Japan ti mú ní ìgbèkùn nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ṣàkíyèsí pé àwọn ẹranko kékeré tí òun fún ní abẹ́rẹ́ lítíọ́mù di jẹ́jẹ́. (Àwọn onímọ̀ kan gbà lẹ́yìn náà pé ó ṣeé ṣe kí oògùn náà ti pọ̀ jù lára wọn ni.) Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 1948, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fún ọkùnrin ẹni ọdún 51 kan ní oògùn náà. Ó ti tó ọdún márùn-ún tí ara ọkùnrin yìí kò balẹ̀ rí, tí kò dẹ́kun ariwo àti ìwà àìnítìjú, tí gbogbo ilé ìwòsàn sì ti sọ ìrètí nù lórí rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ara rẹ̀ wálẹ̀. Ní oṣù Keje, ó padà sílé, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́.

Ibẹ̀ ni ìtàn yìí máa ń parí lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn, ṣùgbọ́n èyí tó kàn ló kọ́ni jù. Nígbà tí ara ọkùnrin náà yá, ó ń fojú di oògùn, ó sì pa á tì pátápátá. Ní oṣù Kìíní ọdún 1949, àìsàn náà ti gbé e padà sílé ìwòsàn. Wọ́n tún fún un ní lítíọ́mù, ara rẹ̀ sì tún balẹ̀. Nígbà tó di oṣù Karùn-ún ọdún 1950, lítíọ́mù kan náà ló pa á, nítorí ó ti pọ̀ jù lára rẹ̀. Cade kò ní irinṣẹ́ tí yóò fi mọ iye oògùn tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn. Ojú ló fi ń wò ó: bí èébì bá dé, bí ọwọ́ bá ń gbọ̀n, á dín in kù.

Ní ọdún 1949 yìí náà, wọ́n ń ta lítíọ́mù kíláráìdì ní Amẹ́ríkà bí iyọ̀ tí ẹni tó ní àrùn ọkàn lè fi sọ́bẹ̀, nítorí dókítà ti ka iyọ̀ gidi léèwọ̀ fún irú wọn. Àwọn kan kú nínú wọn, ìjọba sì kó iyọ̀ náà kúrò lọ́jà. Ìdí rẹ̀ wà nínú kíndìnrín. Bí asẹ́ ni kíndìnrín rí: ó ń sẹ́ lítíọ́mù àti sódíọ́mù inú iyọ̀ kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, lẹ́yìn náà ó ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú wọn padà. Kò mọ èkínní yàtọ̀ sí èkejì dáadáa. Nígbà tí iyọ̀ bá wọ́n nínú ara, tàbí tí ìgbẹ́ gbuuru àti òógùn bá ti fa omi ara gbẹ, kíndìnrín á di sódíọ́mù mú pinpin, á sì di lítíọ́mù mú pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn tí kò jẹ iyọ̀ rárá gan-an ni wọ́n wá ń ta á fún.

Edward Trautner ní Yunifásítì Melbourne ló wá ọ̀nà àbáyọ. Lítíọ́mù a máa jó pupa nínú iná, a sì lè fi ẹ̀rọ wọn ìmọ́lẹ̀ pupa náà kí a fi mọ iye tó wà nínú ẹ̀jẹ̀. Ní ọdún 1951, òun àti Charles Noack tẹ ìròyìn wọn jáde lórí àwọn aláìsàn tó lé ní 100. Mogens Schou ní Dẹ́nmáàkì gba iṣẹ́ náà, ó sì fi ìwádìí tó gún régé hàn, láti ọdún 1954 lọ, pé oògùn náà ń ṣiṣẹ́. Ọmọ ilẹ̀ kan náà, Amdi Amdisen, ló fi ìdí òfin wákàtí 12 múlẹ̀. Bí a bá gbé oògùn mì, iye rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ a kọ́kọ́ ga sókè, lẹ́yìn náà a máa wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tí a gbà ní wákàtí mẹ́ta lè dẹ́rù ba dókítà lásán. Ẹni tó lo tirẹ̀ ní aago 9 alẹ́ gbọ́dọ̀ gba ẹ̀jẹ̀ ní aago 9 òwúrọ̀, kó tó lo èyí tó kàn. Ó sì yẹ kí ẹni tó ń gba ẹ̀jẹ̀ ṣọ́ra fún ìgò kékeré tí wọ́n ti fi lítíọ́mù sínú rẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ má bàa dì. Irú ìgò bẹ́ẹ̀ ti sọ aláìsàn tí nǹkan kan kò ṣe di ẹni tí oògùn pọ̀ jù lára rẹ̀.

Iye tí ọ̀pọ̀ dókítà ń fẹ́ lónìí jẹ́ mílímóòlù 0.6 sí 0.8 nínú lítà ẹ̀jẹ̀ kan. Ó lè dé 1.0 fún ẹni tí àìsàn ń gbé jù. Bí ó bá kọjá 1.5, ewu ti dé. Ẹ jẹ́ ká mú obìnrin kan tí tirẹ̀ ti wà ní 0.7 fún ọdún méjì. Orúnkún ń ro ó, ó lọ ra àíbúpúrófẹ̀ẹ̀nì ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì, ó ń lò ó ní ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́. Oògùn náà ń jẹ́ kí lítíọ́mù tí kíndìnrín ń yọ dín kù. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n débi pé kò lè di ife tíì mú, ìgbẹ́ gbuuru dé, ó ń ta gọ́ọ́-gọ́ọ́ bó bá ń rìn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ń lọ́. Bí wọ́n bá yẹ̀ ẹ́ wò, iye náà lè ti di 1.6. Kò gbé oògùn púpọ̀ mì. Lítíọ́mù kan náà ló ń lò láti ọdún méjì. Ó yẹ kí ó dá lítíọ́mù dúró lọ́jọ́ náà, kí ó sì lọ sílé ìwòsàn kíá. Àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, pàápàá àwọn tó ń mú kí ènìyàn máa tọ̀.

Ìbẹ̀rù mìíràn dìde ní ọdún 1977, nígbà tí àwọn dókítà kan ní Dẹ́nmáàkì gé ẹran díẹ̀ lára kíndìnrín aláìsàn 14 tó ti pẹ́ lórí lítíọ́mù, wọ́n sì rí àpá níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ aláìsàn fẹ́ pa oògùn tì. Àwọn olùwádìí mìíràn wá rí irú àpá bẹ́ẹ̀ lára àwọn aláìsàn ọpọlọ tí kò lo lítíọ́mù rí, nítorí náà ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn tó bó ti jọ. Ohun tó dájú ni pé lítíọ́mù a máa dín agbára kíndìnrín láti fa omi padà kù, tí aláìsàn á fi máa tọ̀ púpọ̀, tí òùngbẹ á sì máa gbẹ ẹ́. Ẹ̀rí tí àwọn olùwádìí Oxford kó jọ ní ọdún 2012 fi hàn pé iye ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kú pátápátá kéré, nǹkan bí 0.5 nínú 100.

Láti ìgbà ìbẹ̀rù ọdún 1977 yẹn ni àyẹ̀wò kíndìnrín ti wọ inú ìwé aláìsàn. Ìlànà Bìrìtéènì ti ọdún 2014 sọ pé kí wọ́n wọn lítíọ́mù lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tí a bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ tàbí tí a yí iye rẹ̀ padà, lẹ́yìn náà ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ní ọdún àkọ́kọ́, kí wọ́n sì yẹ kíndìnrín wò ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà. Èsì kan ṣoṣo kò tó ohun tí a fi ń dájọ́. Bí èsì léraléra bá ń wálẹ̀ ni dókítà yóò ṣe ìpinnu, nígbà mìíràn pẹ̀lú dókítà kíndìnrín: kí wọ́n dín iye oògùn kù, tàbí kí wọ́n fi í sílẹ̀. Fífi í sílẹ̀ náà ní ìlànà, yàtọ̀ sí ohun tí aláìsàn Cade ṣe ní 1948. Wọ́n ń dín in kù díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ó kéré tán, oṣù mẹ́ta ló sì dára jù, wọ́n á sì tún máa ṣọ́ aláìsàn fún oṣù mẹ́ta mìíràn lẹ́yìn tó bá ti parí, bóyá àìsàn náà fẹ́ padà.