Orin inú takisí tí mi ò gbọ́ orúkọ rẹ̀

Ẹ jókòó, ẹ jẹ́ n sọ bí mo ṣe fi ọjọ́ mẹ́ta wá orin kan.

Mo wọ takisí n'Ìbàdàn, orin kan sì ń parí lọ lórí rédíò. Agídìgbo ló ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ń gbè é lẹ́sẹ̀. Kí n tó ṣí Shazam, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ti dá sí i: "Ẹgbẹ́ ìlú aró nìyẹn o! Àwo tí wọ́n ní ó tà ju mílíọ̀nù márùn-ún lọ!" Ìpolówó ọjà bá wọlé. Ó tán.

Ara mi bù máṣọ. Ìlù yẹn gan-an ni bàbá àgbà mi máa ń fi ìka lù lórí tábìlì. Wọ́n ti lọ, mi ò sì bi wọ́n léèrè orúkọ rẹ̀ rí.

Agídìgbo pẹ̀lú ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀: mo mọ̀ pé àpàlà ni. Ibi tí mo ti ṣìnà ni "ìlú aró". Àdìrẹ ló wá sí mi lọ́kàn, mo ní Abẹ́òkúta ni, àbí? Mo bá gbé àwọn orin Àyìnlá Ọmọwúrà kalẹ̀, mo gbọ́ wọn títí ilẹ̀ fi ṣú. Wọ́n dùn o! Àmọ́ ìlù Àyìnlá máa ń le, ó máa ń sáré. Eléyìí ń rìn jẹ́jẹ́ bí àgbàlagbà tó wọ agbádá.

Màmá mi ló là mí lójú. Wọ́n ní, "Ta ló sọ fún ẹ pé Abẹ́òkúta nìkan ló ń rẹ aró? Òṣogbo ńkọ́?" Hẹ̀n-ẹ́n! Òṣogbo Òròkí, ìlú aró. Àpàlà tó ń rìn jẹ́jẹ́, ẹgbẹ́ kan l'Óṣogbo, àwo tó tà rẹpẹtẹ: Haruna Ishola, "Oroki Social Club", 1971. Iye tí wọ́n máa ń sọ pé ó tà náà nìyẹn, mílíọ̀nù márùn-ún ó lé.

Kí ló kan ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó pẹ̀lú ẹgbẹ́ Òṣogbo? Láyé ìgbà yẹn, àwọn olówó àtàwọn oníṣòwò máa ń kó ara wọn jọ ṣe ẹgbẹ́ afẹ́. Tí wọ́n bá ń ṣe fàájì, olórin á máa kì wọ́n. Ọ̀nà yìí ti mọ́ Haruna lára tipẹ́. Àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ lọ́dún 1948, Ọba Adéboyè, Òrímolúsì Ìjẹ̀bú-Igbó, ló fi yìn. Kò tà. Nígbà tí ọba wàjà ní 1955, ó tún un ṣe, ìgbà yẹn ni òkìkí ẹ̀ wá kàn.

Mo tan "Oroki" fún Màmá. Wọn ò sọ nǹkan kan. Ìka wọn ló kọ́kọ́ bọ́ sórí tábìlì.