Ríìbù (aṣọ níítì)

Ríìbù jẹ́ ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà fi abẹ́rẹ́ àti òwú wúùlù hun aṣọ níítì, kí aṣọ náà lè máa nà, kí ó sì máa sún kì padà. Òun ni ó máa ń wà ní ọrùn-ọwọ́ àti etí ìsàlẹ̀ kádígàn tí àwọn ọmọ iléèwé ń wọ̀ nígbà ọyẹ́ ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà.

Bí wọ́n ṣe ń hun ún

Ojú híhun méjì ni wọ́n ń lò: ojú iwájú, tí ó ń yọ síta, àti ojú ẹ̀yìn, tí ó ń wọnú. Bí ojú bá jẹ́ 8, wọn yóò hun iwájú 2, ẹ̀yìn 2, títí yóò fi parí. Bí wọ́n bá yí aṣọ padà, wọn yóò hun ojú kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí ó ṣe hàn. Ìlà yóò wá dúró lóòró, aṣọ yóò sì ká wọra wọn, èyí ni ó ń jẹ́ kí ó nà. Bí ẹni tí ń hun ún bá ṣi ojú mú, ìlà yóò fọ́, aṣọ yóò rí kókó-kòkò, kò sì ní sún kì mọ́. Títú u dé ibi àṣìṣe ni àtúnṣe rẹ̀.

Ìyàtọ̀ sí àwọn mìíràn

Nínú kébù, wọ́n máa ń gbé ojú kan kọjá lórí èkejì, tí yóò fi rí bí okùn tí a lọ́. Kébù pọ̀ lára súwẹ́tà Áránì láti Ayálándì. Fẹ́ẹ̀-Áìlì, láti Ṣẹ́tílándì ní Sọ́kọ́tílándì, ń lo àwọ̀ 2 nínú ìlà kan.

Jọ́mpà ni wọ́n ń bọ̀ láti orí, nítorí náà ọrùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ nà dáadáa. Kádígàn là níwájú, ó sì ní bọ́tìnnì. Bí méjèèjì bá bára mu, tí a sì ń wọ̀ wọ́n pọ̀, túwínsẹ́ẹ̀tì ni.