Ìwọ̀n lẹ́yìn ọ̀rinrin

Nínú lẹ́tà ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àgbẹ̀ sí oníbàárà, ìwọ̀n yìí ni owó wà lórí rẹ̀: ìwọ̀n àgbàdo láìsí àpò, tí a ti yọ omi tó ju àdéhùn lọ kúrò nínú rẹ̀. Ká ní àpò 50 jẹ́ kílò 5,000, ọ̀rinrin rẹ̀ 17.5%, àdéhùn sì jẹ́ 12%. Ohun gbígbẹ inú rẹ̀ jẹ́ 82.5%, ó sì yẹ kó jẹ́ 88%. A ó fi 82.5 sọ 5,000 di púpọ̀, ká fi 88 pín in: kílò 4,687.5. Ẹni tó kàn yọ 5.5% á rí 4,725, á sì sanwó omi. Létí òkun bí Àwóyè, afẹ́fẹ́ tún ń fi omi kún àgbàdo. Nítorí náà, ẹ kọ ọjọ́ àti ibi tí ẹ ti wọ̀n ọ́n sínú lẹ́tà.