Àtúnsọ àti Ìtọ́kasí Nínú Àsáìnmẹ́ǹtì Nọ́ọ̀sì

Àtúnsọ ni kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ gbé èrò tó kà nínú ìwé kalẹ̀. Ìtọ́kasí ni kó dárúkọ ẹni tó ni èrò náà. Bí ọ̀kan bá wà tí èkejì kò sí, àfi tí a bá fi àmì àyọlò sí ọ̀rọ̀ tí a tọ́ka sí, olè ìwé ni wọ́n ń pè é. Níbi tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, bíi Yunifásítì Al-Hikmah ní Ìlọrin, àtúnsọ tún ní ewu mìíràn: ọ̀rọ̀ kan tó bá ṣì lè yí ìtọ́jú aláìsàn padà.

Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀rọ̀ ọwọ́ mímọ́. Ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2009 ni pé bí ìdọ̀tí bá hàn lọ́wọ́, ọṣẹ àti omi ni kí nọ́ọ̀sì fi fọ̀ ọ́, fún ìṣẹ́jú àáyá 40 sí 60. Bí kò bá sí ìdọ̀tí tó hàn, kó fi oògùn ìpawọ́ ọlọ́tí pa á fún 20 sí 30. Akẹ́kọ̀ọ́ tó kàn ń pààrọ̀ ọ̀rọ̀ lè kọ “kòkòrò àrùn” dípò “ìdọ̀tí tó hàn.” Ètò gbólóhùn náà ò yí padà, nítorí náà olè ni síbẹ̀. Èyí tó burú jù ni pé ìtọ́ni náà ti bàjẹ́, torí kò sẹ́ni tó ń fi ojú lásán rí kòkòrò àrùn.

Ohun tó yẹ ni pé kó pa ìwé dé, kó bi ara rẹ̀ pé kí ló ń pinnu èyí tí nọ́ọ̀sì máa lò. Ojú ni. Ó lè wá kọ ọ́ báyìí:

Kí nọ́ọ̀sì tó yan ohun tó máa lò, kó kọ́kọ́ wo ọwọ́ rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tàbí ẹrẹ̀ ń fẹ́ ọṣẹ àti omi, 40 sí 60 ìṣẹ́jú àáyá. Ọwọ́ tó mọ́ lójú, oògùn ìpawọ́ ọlọ́tí sáábà máa ń tó o, 20 sí 30 (World Health Organization, 2009).

Lẹ́yìn náà ni kó ṣí ìwé padà, kó yẹ nọ́ńbà àti “bí” inú rẹ̀ wò. Nọ́ńbà àti orúkọ oògùn kì í ṣe ohun tí à ń fi àtúnsọ yí.

Nínú ìlànà APA, orúkọ àti ọdún ti tó fún àtúnsọ. Bí a bá da ọ̀rọ̀ kọ gẹ́lẹ́, a ó fi àmì àyọlò sí i, a ó sì fi ojú ìwé kún un. Ẹni tó bá pàdé Henderson nínú ìwé olùkọ̀wé mìíràn, tí kò ka Henderson fúnra rẹ̀, gbọ́dọ̀ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Olùkọ̀wé tó kà gan-an ni “Òǹkọ̀wé” tó wà nísàlẹ̀ yìí:

```
(Henderson, 1966, as cited in Òǹkọ̀wé, ọdún)
```

Kí akẹ́kọ̀ọ́ má sì gbára lé ìdá tí Turnitin ń gbé jáde. Ọ̀rọ̀ tó jọra nìkan ló ń kà: àyọlò tí a tọ́ka sí dáadáa lè mú un ga, nígbà tí èrò tí wọ́n jí, tí wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ tuntun bò, lè kọjá láìjẹ́ pé ó rí i. Olùkọ́ tó ti ka ìwé náà ló sáábà máa ń mọ̀ ọ́n.