Àtùpà Wo Ni A Ó Ṣe Sílẹ̀? Ìwádìí Lórí Ìmọ́lẹ̀ Àṣesílẹ̀ àti Ìmọ́lẹ̀ Ojú-Ẹsẹ̀ Nínú Ìpele Géèmù Fóònù

Bí a bá béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe géèmù fóònù pé èwo ló dára jù nínú ìmọ́lẹ̀ àṣesílẹ̀ àti ìmọ́lẹ̀ ojú-ẹsẹ̀, ìdáhùn tó wọ́pọ̀ ni pé ti àṣesílẹ̀ yá, ti ojú-ẹsẹ̀ sì lẹ́wà. Ìdáhùn náà kò pé. Ìmọ́lẹ̀ àṣesílẹ̀ lè lẹ́wà ju èkejì lọ fíìfíì, nítorí pé kọ̀ǹpútà alágbára ti fi ara balẹ̀ ṣírò bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń ta láti ara ògiri kan sí òmíràn kí géèmù tó dé ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Ibi tí ọ̀nà méjèèjì ti yà gan-an ni ohun tí wọ́n ń ná wa. Àyè inú fóònù ni a fi ń san ti àṣesílẹ̀, a sì ń san án lẹ́ẹ̀kan. Ooru àti bátìrì ni a fi ń san ti ojú-ẹsẹ̀, a sì ń san án ní gbogbo fírémù. Nítorí náà, àbá mi ni pé kí a má ṣe ìpinnu kan ṣoṣo fún odindi ìpele. Kí a gbé àtùpà kọ̀ọ̀kan yẹ̀ wò lọ́tọ̀.

Ọgbọ́n àṣesílẹ̀ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Nínú géèmù Quake, tí iléeṣẹ́ id Software gbé jáde ní 1996, wọ́n ti ṣírò ìmọ́lẹ̀ ògiri àti ilẹ̀ sínú àwòrán kéékèèké tí a ń pè ní máàpù ìmọ́lẹ̀. Nígbà tí géèmù bá ń lọ, ẹ̀rọ á kàn fi àwòrán yìí sọ àwọ̀ ògiri di púpọ̀. Wọ́n tilẹ̀ mú kí àwọn iná kan máa ṣẹ́jú láìtún ìṣírò ṣe: wọ́n tọ́jú ìmọ́lẹ̀ iná náà sínú máàpù tirẹ̀, wọ́n sì ń gbé agbára rẹ̀ sókè sódò. Nígbà tí Infinity Blade dé orí iPhone ní 2010, ìmọ́lẹ̀ àṣesílẹ̀ kan náà ló jẹ́ kí ààfin rẹ̀ rí bí ti géèmù ẹ̀rọ ńlá. Ó bá géèmù náà mu, nítorí pé oòrùn rẹ̀ kì í rìn, ògiri rẹ̀ kì í sì í ṣí kúrò nípò.

Ìdí tí òjìji fi wọ́n lórí fóònù

Láti ya òjìji lójú ẹsẹ̀, ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wo ìpele láti ojú iná, kí ó kọ ọ̀nà jíjìn gbogbo ohun tó rí sínú àwòrán kan, kí ó tó padà wá ya ohun tí òṣèré rí. Ṣípù ayàwòrán inú fóònù kì í ya odindi ojú fóònù lẹ́ẹ̀kan. Ó ń gé e sí igun-mẹ́rin kéékèèké (lórí ọ̀pọ̀ Mali, píksẹ́lì 16 ní ìbú àti 16 ní òró), ó sì ń parí ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ìrántí kékeré tó wà lára ṣípù fúnra rẹ̀, níbi tí iṣẹ́ kò ti wọ́n. Àwòrán òjìji kò lè jàǹfààní yìí dé òpin, nítorí pé ó gbọ́dọ̀ jáde lọ sínú ìrántí ńlá kí a tó lè kà á padà. Àwòrán òjìji onípíksẹ́lì 1024 lọ́nà 1024, tí píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan gba báìtì 2, jẹ́ mẹ́gábáìtì 2. Bí géèmù bá ń ya fírémù 60 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, mẹ́gábáìtì 120 ni a ń kọ jáde ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, kí a tó ka ẹyọ kan padà. Gbígbé dátà wọlé jáde báyìí wà lára ohun tó ń mú fóònù gbóná jù, ọ̀pọ̀ fóònù kò sì ní fáànù.

Òṣùpá tàbí oòrùn nìyẹn o. Àtùpà tó ń tàn sí ìhà gbogbo burú ju bẹ́ẹ̀ lọ: a gbọ́dọ̀ wo ìpele láti ojú rẹ̀ ní ìhà mẹ́fà. Àtùpà mẹ́ta tó ní òjìji túmọ̀ sí wíwò 18 nínú fírémù kan ṣoṣo.

Àgbàlá kan ní òru

Ẹ jẹ́ kí a mú àgbàlá kan tí a kọ́ nínú Unity. Ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà 20 lọ́nà 20, ògiri mẹ́rin tí gíga wọn jẹ́ mítà 4 yí i ká, ọ̀dẹ̀dẹ̀, òpó àti àtẹ̀gùn sì wà nínú rẹ̀. Ilẹ̀ jẹ́ mítà onígun-mẹ́rin 400, ògiri 320, ìyókù nǹkan bí 280. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1000. Òṣùpá ń tàn lókè, àtùpà mẹ́ta kọ́ sára òpó, òṣèré mú fìtílà kan lọ́wọ́, ẹ̀ṣọ́ méjì sì ń rìn kiri.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni bí máàpù ìmọ́lẹ̀ yóò ṣe tóbi tó. Ẹyọ tí a fi ń kọ́ máàpù náà ni tẹ́ksẹ́lì, iye tẹ́ksẹ́lì tí a bá sì fún mítà kan ló ń pinnu bí òjìji yóò ṣe mú tó:

```
iye tẹ́ksẹ́lì = ààyè (m²) × (tẹ́ksẹ́lì fún mítà kan)²
```

Bí a bá fún mítà kan ní 20, a ó lo 400,000. Bí a bá sọ ọ́ di 40, yóò di 1,600,000, nítorí pé ìlọ́po méjì ní ìbú àti ní òró já sí ìlọ́po mẹ́rin. Máàpù 1024 lọ́nà 1024 gba 1,048,576, ṣùgbọ́n àlàfo máa ń wà láàárín àwọn ègé tí a kó sínú rẹ̀. Bí a bá lo ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀, a ti ṣe dáadáa. Nítorí náà 20 wọ inú máàpù kan wẹ́rẹ́, 40 sì nílò ju méjì lọ.

Ní 20, tẹ́ksẹ́lì kan fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 5. Irin ojú ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà kò nípọn ju bẹ́ẹ̀ lọ, òjìji rẹ̀ yóò sì ṣú pọ̀ bí èéfín. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń gbé gbogbo ìpele lọ sí 40 tàbí 80, tí géèmù á sì sanra lásán. Ohun tó yẹ ni kí a fi ìyókù sílẹ̀ ní 20, kí a sì fi `Scale In Lightmap` sọ mítà onígun-mẹ́rin 30 tí òjìji irin ń bọ́ sí di ìlọ́po 4, ìyẹn 80. Àpapọ̀ rẹ̀ yóò jẹ́ 388,000 àti 192,000, tí í ṣe 580,000. Máàpù kan ṣì gbà á. Bí a bá fún un pọ̀ pẹ̀lú ASTC 4×4, tẹ́ksẹ́lì kan jẹ́ báìtì kan, máàpù náà sì jẹ́ mẹ́gábáìtì 1.

Ó wá kan àwọn iná. Àwọn àtùpà ara òpó kò ní ṣí nípò, nítorí náà `Baked` ni gbogbo wọn, wíwò 18 yẹn sì ti parẹ́. Òṣùpá kò rìn, ṣùgbọ́n òjìji òṣèré àti ti àwọn ẹ̀ṣọ́ gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé wọn lórí ilẹ̀. `Mixed` ni tirẹ̀, lábẹ́ `Shadowmask`: òjìji ilé wà nínú àwòrán kejì tó tóbi bákan náà, àwòrán òjìji ojú-ẹsẹ̀ kò sì ní ya ju ènìyàn mẹ́ta lọ dípò odindi àgbàlá. Fìtílà ọwọ́ òṣèré nìkan ni `Realtime` pátápátá, èmi kì yóò sì fún un ní òjìji. Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé ìmọ́lẹ̀ tí kò ní òjìji máa ń la ògiri kọjá. Bí òṣèré bá dúró ti ògiri, ẹ̀yìn ògiri náà á mọ́lẹ̀. Kí a dín ibi tí fìtílà náà ń dé kù sí mítà 4, kò ní hàn púpọ̀.

Ibi tí ohun tó ń rìn ti pàdé ohun tó dúró

Máàpù ìmọ́lẹ̀ kò mọ ohunkóhun nípa ẹni tó ń rìn. Kí ẹ̀ṣọ́ tó lè gba ìmọ́lẹ̀ àtùpà àṣesílẹ̀, a gbọ́dọ̀ to àwọn ojú-ìwọ̀n tí Unity ń pè ní `Light Probe` sínú afẹ́fẹ́ ìpele náà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń tọ́jú nọ́ńbà 27 tó sọ irú ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ̀ láti ìhà gbogbo, ẹ̀rọ sì ń da àwọn tó yí ẹ̀ṣọ́ ká pọ̀. Wọn kò wọ́n rárá, àmọ́ títò wọn ń fẹ́ ojú. Bí ọ̀kan bá bọ́ sínú ògiri, dúdú ni yóò gbà, ẹ̀ṣọ́ á sì ṣú bìrì bó ti ń kọjá níbẹ̀ bí ẹni tí iná mọ̀nàmọ́ná lọ lórí rẹ̀. Ibi tí ó yẹ kí a tò wọ́n pọ̀ sí ni ibi tí òkùnkùn àti ìmọ́lẹ̀ ti pàdé. Àárín àgbàlá tí ìmọ́lẹ̀ ti rí bákan náà kò nílò ju díẹ̀ lọ. Ohun gígùn tó ń rìn, bí ọkọ̀ tàbí ẹnu-ọ̀nà ńlá, ń gba ìwọ̀n kan ṣoṣo fún gbogbo ara rẹ̀, nítorí náà ìdajì rẹ̀ tó wà lábẹ́ àtùpà kò ní mọ́ ju ìdajì kejì lọ.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni ti ilẹ̀kùn. Ẹnì kan fi àmì ohun tí kì í ṣí nípò sí i, wọ́n ṣírò ìmọ́lẹ̀, ilẹ̀kùn ṣí, òjìji rẹ̀ sì dúró sórí ilẹ̀. Bí àtùpà kan bá gbọ́dọ̀ kú láàárín eré, a lè ṣe máàpù méjì sílẹ̀, kí a sì pààrọ̀ wọn:

```csharp
LightmapSettings.lightmaps = tan ? mapTan : mapPa;
```

Àyè ìlọ́po méjì ni èyí ń gbà, a sì gbọ́dọ̀ pààrọ̀ `LightmapSettings.lightProbes` pẹ̀lú. Bí a bá gbàgbé, ògiri á ṣókùnkùn, ẹ̀ṣọ́ á sì máa dán lọ.

Bí ìmọ́lẹ̀ bá ń jò ní ìsàlẹ̀ ògiri, ó sábà máa ń jẹ́ pé ilẹ̀ kan ṣoṣo gba abẹ́ ògiri kọjá, tẹ́ksẹ́lì kan sì wà nínú àti lóde lẹ́ẹ̀kan náà. Kí a gé ilẹ̀ náà sí méjì lábẹ́ ògiri. Bí àbàwọ́n bá hàn lára ògiri láìnídìí, kí a wo `UV Overlap`, yóò fi ibi tí ègé méjì ti gun ara wọn hàn. Bí ara òpó tó sún mọ́ àtùpà bá funfun pẹrẹsẹ láìní ìyàtọ̀, kí a wo `Lightmap Encoding`: ní `Low Quality`, máàpù kò lè tọ́jú ìmọ́lẹ̀ tó ju 4.59 lọ bí àwọ̀ bá wà ní `Linear`, gbogbo ohun tó ga ju bẹ́ẹ̀ ni a gé dọ́gba.

Àwọn ìpele kan wà tí àṣesílẹ̀ kò bá mu rárá: èyí tí oòrùn rẹ̀ ń yọ tó sì ń wọ̀, àti èyí tí òṣèré fúnra rẹ̀ ń kọ́. Minecraft kò yan èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ó fún búlọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà ìmọ́lẹ̀ láti 0 dé 15, ó sì ń tún un ṣírò kìkì níbi tí nǹkan bá ti yí padà.

Fún àgbàlá wa, ó ku kí a wọn ohun tí a yàn lórí fóònù tí kò lówó lórí púpọ̀, kí a sì jẹ́ kí eré lọ tó ìṣẹ́jú 20, nítorí pé ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ máa ń tan ni jẹ. Fírémù 60 fún wa ní mílísẹ́kọ́ńdì 16.7 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí àkókò fírémù bá ń gùn sí i nígbà tí ohunkóhun kò yí padà lójú fóònù, ooru ni. Ṣípù ti ń dín eré rẹ̀ kù. Kí a wá dín iye píksẹ́lì tí a ń yà kù sí ìdajì. Bí àkókò bá já wálẹ̀, fìtílà ọwọ́ òṣèré ni kí a kọ́kọ́ fura sí, torí pé orí píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan ni a ti ń ṣírò rẹ̀. Bí kò bá yí padà, kí a pa òjìji òṣùpá, kí a sì wọn ọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí àkókò bá wálẹ̀ nígbà náà, òjìji róbótó kan lábẹ́ ẹsẹ̀ àwọn ẹ̀ṣọ́ tó, kí ti òṣèré nìkan sì jẹ́ ti òótọ́.