Àmì L Lẹ́gbẹ̀ẹ́ WBC: Bí Wọ́n Ṣe Ń Ka Èsì Àyẹ̀wò Ẹ̀jẹ̀ Tí Wọ́n Yà ní Fọ́tò

Èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kì í pẹ́ lórí ìwé mọ́ n'Ìbàdàn. Kí ẹni tó gbà á ní Ring Road tàbí ní Dùgbẹ̀ tó wọ mọ́tò, ó ti yà á ní fọ́tò, ó ti fi í ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n tó wà ní Bódìjà àti àbúrò tó ń ṣe nọ́ọ̀sì nílùú òyìnbó. Ohun tí ojú gbogbo wọn kọ́kọ́ máa ń bọ́ sí ni lẹ́tà kékeré kan: L tàbí H. L túmọ̀ sí pé iye náà kéré sí ààlà tí wọ́n tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, H sì túmọ̀ sí pé ó kọjá rẹ̀. Ẹ̀rọ ló ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ náà kò rí aláìsàn, kò sì bi í léèrè oògùn tó ń lò. Ó kàn fi nọ́ńbà wé nọ́ńbà ni.

Àyẹ̀wò tó wọ́pọ̀ jù nínú wọn ni èyí tí wọ́n fi ń ka oríṣiríṣi sẹ́ẹ̀lì inú ẹ̀jẹ̀. Wọn a fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lápá sínú ìgò kékeré onídèérí elésè àlùkò, tí oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì wà nínú rẹ̀. Ẹni tó fà á gbọ́dọ̀ rọra dojú ìgò náà délẹ̀ lẹ́ẹ̀mélòó kan kí oògùn lè wọnú ẹ̀jẹ̀. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ lè dì wẹ́wẹ́, ẹ̀rọ á sì ka ohun tí kò pé.

Ẹ jẹ́ ká wo èsì kan tí a ṣe fún àpẹẹrẹ. Ká sọ pé obìnrin ẹni ọgbọ̀n ọdún kan l'Agbowó ló ni ín. Kò sí ohun tó ń ṣe é. Ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ gbà á ló ní kó lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò.

```
WBC    3.4   L   4.0 - 10.0   x10^9/L
NEUT%  38    L   40 - 75      %
LYM%   50    H   20 - 45      %
NEUT#  1.29  L   2.0 - 7.0    x10^9/L
LYM#   1.70      1.0 - 4.0    x10^9/L
HGB    12.1      12.0 - 16.0  g/dL
HCT    36        36 - 46      %
PLT    214       150 - 400    x10^9/L
```

Ìsàlẹ̀ ló rọrùn jù, ẹ jẹ́ ká tibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. PLT ni àwọn ègé wínníwínní tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dá nígbà tí ọ̀bẹ bá géni lọ́wọ́. HCT ni ohun tí ará Ìbàdàn mọ̀ sí PCV: nínú ọgọ́rùn-ún ìdá ẹ̀jẹ̀, mélòó ló jẹ́ sẹ́ẹ̀lì pupa? HGB ni èròjà inú sẹ́ẹ̀lì pupa yẹn tó ń gbé afẹ́fẹ́ kiri ara. Àwọn méjèèjì kì í jìnnà síra: bí a bá fi 3 sọ HGB di púpọ̀, ó máa ń súnmọ́ HCT. Níhìn-ín, 12.1 lọ́nà mẹ́ta jẹ́ 36.3, ẹ̀rọ sì tẹ 36. Bí fọ́tò kan bá gbé HGB 12.1 àti HCT 26 wá, ó yẹ kéèyàn kọ́kọ́ fura sí àṣìkọ tàbí sí ẹ̀rọ kó tó fura sí ara.

WBC ni àpapọ̀ sẹ́ẹ̀lì funfun, àwọn ọmọ ogun ara. NEUT ni àwọn niutirofíìlì, tó sábà máa ń kọ́kọ́ dé ibi tí egbò ti ń ṣọyún. LYM ni àwọn límfósáìtì, tí wọ́n ń rántí ọ̀tá tó ti wá rí. Àmì % jẹ́ ìpín, àmì # sì jẹ́ iye gan-an. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń já láyà lásán. LYM% gba H, àmọ́ LYM# kò gba nǹkan kan. Ó dà bí ọkọ̀ tó gbéra ní Challenge pẹ̀lú èrò mẹ́rìnlá, tí méje nínú wọn jẹ́ obìnrin. Bí ọkùnrin mẹ́rin bá bọ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà, obìnrin á di méje nínú mẹ́wàá, bẹ́ẹ̀ ni obìnrin kankan kò wọlé. Niutirofíìlì ló kéré. Límfósáìtì kò pọ̀ sí i.

Ó wá ku L tó wà lára WBC àti NEUT#. Kí a tó mọ ohun tó ń sọ, a ní láti béèrè ibi tí ààlà náà ti wá.

Wọ́n máa ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn tí ara wọn dá wò, wọ́n á to iye wọn láti kékeré dé ńlá, wọ́n á wá gé ìdá méjì ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún kúrò lókè, wọ́n á gé irú rẹ̀ nísàlẹ̀. Ohun tó kù láàárín ni ààlà. Nítorí náà, nínú ogún èèyàn tí ara wọn le koko, ẹnì kan yóò bọ́ síta. Ìyẹn kò mú ìṣòro púpọ̀ wá. Ohun tó mú un wá ni pé ọ̀pọ̀ ààlà tó bá ẹ̀rọ wá láti ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, ẹ̀jẹ̀ àwọn ará Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ni wọ́n fi ṣe é jù.

Ìbàdàn sì ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ nínú èyí. Nígbà tí iṣẹ́ àkànṣe àgbáyé lórí àbùdá ènìyàn, HapMap, bẹ̀rẹ̀ ní 2002, àwọn Yorùbá ìlú yìí wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀: aádọ́rùn-ún èèyàn láti ọgbọ̀n ìdílé, bàbá, ìyá àti ọmọ. Lórí kọ̀ǹpútà, YRI ni wọ́n ń kọ fún wọn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn pátá ni kò ní èròjà kan tí wọ́n ń pè ní Dọ́fì lára sẹ́ẹ̀lì pupa wọn. Láti 1976 ni wọ́n ti mọ̀ pé Dọ́fì ni ilẹ̀kùn tí irú kòkòrò ibà kan, fáífáàsì, ń gbà wọ sẹ́ẹ̀lì pupa. Ẹni tí kò ní in ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn pátá. Ní 2009 ni ìwádìí wá so àìní Dọ́fì yìí mọ́ niutirofíìlì tí kì í pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Mùdùnmúdùn inú egungun ń ṣe wọ́n tó bó ṣe yẹ. Inú ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn lápá, níbi tí abẹ́rẹ́ ti ń fà á, ni wọn kì í pọ̀ sí.

Nítorí àìmọ èyí, àwọn aláwọ̀ dúdú kan lókè òkun ti gba abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń fa mùdùnmúdùn, tí wọn kò sì rí nǹkan kan níbẹ̀.

Síbẹ̀, kò sẹ́ni tó lè tipa fọ́tò sọ pé ohun tó fa L ti obìnrin yìí nìyẹn. Oògùn kan lè fà á, àìsàn tó ń bọ̀ tàbí tó ń lọ náà lè fà á. Ohun tí dókítà máa ń wá ni èsì àtijọ́. Ẹni tó ní 3.2 lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, 3.6 lọ́dún tó kọjá àti 3.4 lónìí yàtọ̀ sí ẹni tó ní 7.1 lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Bí ibà bá sì wà pẹ̀lú niutirofíìlì tó kéré, ọ̀rọ̀ kúrò ní ti Wásáàpù. Ilé ìwòsàn ló kàn lọ́jọ́ náà.

Fọ́tò fúnra rẹ̀ a sì máa purọ́. Iná lè bo àmì ìdásí-mẹ́wàá mọ́lẹ̀, kí 3.4 di 34. Ẹlòmíràn á gé òpó ìkẹyìn dànù, bẹ́ẹ̀ òpó yẹn ló ní ìwọ̀n: yàrá àyẹ̀wò kan lè kọ 3.4, òmíràn á kọ 3400, ẹ̀jẹ̀ kan náà ni. Ọjọ́ tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀, ọjọ́ orí, àti bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, orí ìwé ni wọ́n máa ń wà, ibẹ̀ gan-an ni àtàǹpàkò ẹni tó ń ya fọ́tò sì máa ń bò.

Ní 2023, àwọn oníṣègùn kan ní Amẹ́ríkà ka niutirofíìlì àwọn àgbàlagbà tí ara wọn dá, tí wọn kò ní Dọ́fì, wọ́n sì rí ààlà tó bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí 1.2 dé 5.4. Bí wọ́n bá tẹ ìyẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ 1.29 tí obìnrin Agbowó yìí ní, kò ní sí L kankan níwájú rẹ̀.