Ògiri Arẹrù àti Ilé Olópòó

Nínú ilé ògiri arẹrù, ògiri fúnra rẹ̀ ló ń gbé òrùlé àti dẹ́kì, tó sì ń pín ìwúwo wọn káàkiri gígùn rẹ̀ títí dé ìpìlẹ̀. Nínú ilé olópòó, dẹ́kì gbé ẹrù fún bíìmù, bíìmù gbé e fún òpó kọnkéré onírin, òpó sì gbé e lọ sí ìpìlẹ̀. Búlọ́ọ̀kù àárín àwọn òpó kàn ń dí àyè ni.

Ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ ní Ṣómólú àti Bàríga, tí yàrá kọjú sí yàrá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, jẹ́ ti ògiri arẹrù. Ìyàtọ̀ náà máa ń hàn nígbà tí onílé bá fẹ́ sọ yàrá iwájú di ṣọ́ọ̀bù. Nínú ilé olópòó, a lè yọ ògiri búlọ́ọ̀kù náà láìsí ewu fún dẹ́kì. Nínú ilé ògiri arẹrù, bí a bá dá ihò sí ògiri náà, ẹrù orí ihò yóò ya sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ògiri yóò sì sán ní ìdàgẹ̀rẹ̀ láti igun ihò lọ sókè, àfi bí wọ́n bá ti fi igi gbé òkè ró, tí wọ́n sì fi bíìmù sí i. Òpó tí bírikìlà dà sí igun nìkan kò sọ ilé di olópòó: bíìmù gbọ́dọ̀ so ó mọ́ òmíràn.